Títọ́ka sí orísun lórí síláìdì láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ kún un fọ́fọ́

Ibi méjì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ti máa ń kọsẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ wọn hàn lórí síláìdì. Àwọn kan á kó orúkọ òǹkọ̀wé mẹ́fà, àkọlé, orúkọ jọ́nà àti àdírẹ́sì gígùn sí ìsàlẹ̀ síláìdì kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà rẹ̀ á wá kéré débi pé ẹni tó jókòó níwájú gan-an kò ní lè kà á. Àwọn mìíràn kò ní kọ nǹkan kan rárá títí wọ́n á fi dé síláìdì ìkẹyìn, níbi tí ìwé bí ogún á ti tò gẹ̀rẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá wá béèrè pé, "Èwo nínú ìwọ̀nyí ló ni nọ́ńbà tó wà lórí síláìdì kẹrin?", wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n á fọ̀.

Ohun kan náà ló ń fa méjèèjì. A ń retí kí ojú síláìdì nìkan dá ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká pín sí ibi mẹ́ta. Àmì kúkúrú ló yẹ ojú síláìdì. Ẹnu yín ló yẹ kó sọ ẹni tó ṣe ìwádìí náà àti bó ṣe ṣe é. Síláìdì ìkẹyìn ni àlàyé ìwé ní kíkún ń gbé. Èmi á fi ìgbékalẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ fi hàn pé bí ènìyàn bá ń dán ara rẹ̀ wò lórí ohun tó kà, ohun náà á pẹ́ nínú iyè rẹ̀ ju kó kàn máa tún un kà lọ.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìlànà ìtọ́kasí tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín ń lò. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fún yín, ẹ béèrè. APA ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, mo sì máa sọ ibi tí IEEE ti yàtọ̀.
- Àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, odindi. Ìlà méjì tó jáde nígbà tí ẹ wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò tó.
- PowerPoint tàbí Google Slides.
- Ìwé kan tàbí fáìlì kan tí ẹ lè ya àtẹ sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ so ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ orísun rẹ̀ kí ẹ tó ṣí síláìdì kankan

Ẹ ya àtẹ olópòó mẹ́ta. Nínú òpó àkọ́kọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Nínú èkejì, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọdún tó sọ ọ́. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i gan-an nínú ìwé náà: ojú ìwé, nọ́ńbà àwòrán, tàbí ìpín tó wà.

Kì í ṣe gbogbo gbólóhùn ló nílò orísun. Nọ́ńbà nílò rẹ̀. Àbájáde ìwádìí nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ tí ẹlòmíràn fún ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ tí ẹ fà yọ lẹ́nu ẹlòmíràn, àti àwòrán tí kì í ṣe ọwọ́ yín ló yà á. Èrò tiyín kò nílò rẹ̀, ohun tí gbogbo ẹni tó wà ní kíláàsì náà ti mọ̀ kò sì nílò rẹ̀. Bí ẹ bá yọ àwọn wọ̀nyí kúrò, àmì tí síláìdì yín máa gbé á ti dínkù gan-an kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Nínú àpẹẹrẹ wa, akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó nílò orísun. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó dán ara wọn wò rántí ju àwọn tó tún un kà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: Roediger àti Karpicke, 2006, àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Èkejì ni pé ìdánra-ẹni-wò wà lára àwọn ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tí àǹfààní wọn ga jù, tí títún ìwé kà sì wà lára àwọn tí àǹfààní wọn kéré: Dunlosky àti àwọn mẹ́rin mìíràn, 2013. Ẹ̀kẹta ni àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé, tí ó rí lórí ìkànnì kan.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: akẹ́kọ̀ọ́ ka Dunlosky, ó rí i pé Dunlosky mẹ́nu ba ìwádìí ọdún 2006, ó wá kọ ọdún 2006 sórí síláìdì bí ẹni tó ti kà á. Bí olùkọ́ bá béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe àyẹ̀wò náà, kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ìwé ti ìpìlẹ̀ kí ẹ kà á. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ jẹ́ kí àmì yín sọ pé inú ìwé ẹlòmíràn ni ẹ ti bá a pàdé. Nínú APA, `as cited in` ni wọ́n ń lò fún un, èyí tí ẹ kà ni ó sì máa wọ àkójọ ìkẹyìn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa: ẹ fi ọwọ́ bo òpó kejì àti ẹ̀kẹta, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ kan nínú òpó àkọ́kọ́, kí ẹ sì ṣí ìwé rẹ̀ síbi tó wà. Bí ó bá ń gbà yín ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ẹ tó rí i, òpó kẹta yín kò tíì kún tó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọ̀rọ̀ kan fún síláìdì kan

Èyí gan-an ni àtúnṣe tó tóbi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jọ ọ̀rọ̀ ìtọ́kasí rárá. Síláìdì tó ní kókó márùn-ún láti inú ìwé mẹ́rin kò lè mọ́ lójú, ibi yòówù kí ẹ fi àmì sí. Bí ẹ bá kó orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sí ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ni kókó kejì. Bí ẹ bá fi wọ́n sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ á pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ gbé ìlà kan nínú àtẹ yín, kí ẹ sọ ọ́ di gbólóhùn odindi, kí ẹ sì fi gbólóhùn yẹn ṣe àkọlé síláìdì. Dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ "Àbájáde ìwádìí" sókè, kó kọ:

```
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò rántí jù
```

Ohun tó bá wà lábẹ́ àkọlé náà, ẹ̀rí rẹ̀ ni: gíráàfù kan, tàbí nọ́ńbà méjì. Orísun kan ló sì kù láti tọ́ka sí. Àwọn kan á ní síláìdì á pọ̀ jù báyìí. Ó lè pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkókò tí ẹ fi sọ̀rọ̀ kò yí padà, nítorí síláìdì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú kan kò gùn ju ẹyọ kan tó ń gba mẹ́ta.

Ìgbà kan wà tí ìwé méjì gbọ́dọ̀ pàdé lórí síláìdì kan, pàápàá bí àbájáde wọn bá tako ara wọn. Ẹ pín síláìdì sí apá méjì, kí àmì ìwé kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ apá tirẹ̀. Bí ó bá ti ju méjì lọ, ẹ wá ìwé tó ti ṣe àgbéyẹ̀wò gbogbo wọn, kí ẹ tọ́ka sí i. Iṣẹ́ tí ìwé Dunlosky ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa: ẹ ka àkọlé síláìdì yín nìkan láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bí wọ́n bá so pọ̀ di àlàyé tó yé ènìyàn, tí ẹ sì lè fi ìka sí orísun kan, ó pọ̀ jù méjì, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Àmì kúkúrú, ojú kan náà, ìwọ̀n kan náà

Orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé àti ọdún ti tó. Nínú APA, bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ méjì, ẹ kọ orúkọ méjèèjì. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ti àkọ́kọ́ nìkan, kí `et al.` tẹ̀lé e, láti ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá dárúkọ wọn. Báyìí ni ti akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe máa rí:

```
(Roediger & Karpicke, 2006)
(Dunlosky et al., 2013)
```

Àkọlé ìwé kò sí níbẹ̀, orúkọ jọ́nà kò sí níbẹ̀, àdírẹ́sì kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa da àdírẹ́sì kọ láti ara ògiri nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ̀ka yín bá ń lo IEEE, nọ́ńbà bíi `[1]` ni ìlànà náà fẹ́. Nọ́ńbà kì í gba àyè, ṣùgbọ́n lórí síláìdì kì í sọ nǹkan kan fún olùgbọ́. Ẹni tó ń ka ìwé lè ṣí ẹ̀yìn kó wo nọ́ńbà 1. Ẹni tó jókòó nínú gbọ̀ngàn kò lè ṣí síláìdì yín. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ fi orúkọ àti ọdún tẹ̀lé nọ́ńbà náà. Bí wọn ò bá gbà, ẹ rí i pé ẹ fi ẹnu dárúkọ rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n lẹ́tà, bí ọ̀rọ̀ inú síláìdì bá jẹ́ pọ́ìntì 28 nínú PowerPoint, pọ́ìntì 16 dára fún àmì. Ẹ̀yin tó ń lo Google Slides, ẹ ṣọ́ra níbí. Síláìdì PowerPoint tó fẹ̀ máa ń jẹ́ íńṣì 13.33 ní ìbú, ti Google Slides sì jẹ́ íńṣì 10. Pọ́ìntì kan náà á wá tóbi jù lójú síláìdì tó kéré: 16 ti PowerPoint bá 12 ti Google Slides dọ́gba lára ògiri. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi máa ń dàrú bí ènìyàn bá da síláìdì kọ láti ọ̀kan sí èkejì.

Àwọ̀ eérú dára fún àmì, nítorí kì í bá àkọlé du ojú olùwòran. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ eérú tó ṣú. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, tó hàn dáadáa lójú kọ̀ǹpútà yín, á pòórá pátápátá bí pìrójẹ́kítọ̀ bá gbé e sára ògiri nínú yàrá tí iná wà.

Kí àmì lè wà lójú kan náà lórí gbogbo síláìdì, ẹ má fi ọwọ́ gbé e síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú PowerPoint, ẹ lọ sí `View > Slide Master`, ẹ yan irú síláìdì tí ẹ ń lò, kí ẹ tẹ `Insert Placeholder > Text`. Ẹ fa àpótí rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ yan ìwọ̀n àti àwọ̀ lẹ́tà rẹ̀, kí ẹ sì pa `Slide Master` dé. Láti ìgbà náà, síláìdì tuntun kọ̀ọ̀kan á wá pẹ̀lú àpótí tirẹ̀ tó ń dúró de àmì. Àwọn síláìdì tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ kò ní ní àpótí náà àfi tí ẹ bá lọ sórí wọn, kí ẹ sì tẹ `Reset`.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á lo `Footer`, wọ́n á kọ àmì sínú rẹ̀, wọ́n á sì tẹ `Apply to All`. Orísun kan ṣoṣo á wá wà lábẹ́ gbogbo síláìdì, títí kan èyí tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Irọ́ ni síláìdì ń pa nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ṣe é kò gbèrò bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa: ẹ jẹ́ kí síláìdì gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá dìde kúrò nídìí rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 18 sí 19. Bí ẹ bá dúró ní mítà kan àtààbọ̀ sí i, bí ẹ ṣe ń rí i ni ẹni tó jókòó jìnnà sí ògiri ní ìlọ́po mẹ́jọ gíga àwòrán ṣe máa rí tirẹ̀. Bí ẹ bá lè ka àmì náà láti ibẹ̀ láìfún ojú pọ̀, ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ 4: Gíráàfù àti fọ́tò

Bí ẹ bá gé gíráàfù láti inú àpilẹ̀kọ tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì, àlàyé wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á bá a wá, lẹ́tà rẹ̀ á sì rú. Ẹ tún un yà fúnra yín. Ọ̀nà yìí ló ń mú síláìdì mọ́ jù, ó sì ń jẹ́ kí ẹ yan kìkì ohun tí ẹ nílò.

Nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí Roediger àti Karpicke ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka àyọkà kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún un kà, tàbí kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí nínú rẹ̀ sílẹ̀ láìwo ìwé. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn kókó inú àyọkà sí 75. Lẹ́yìn ọjọ́ 2, ọ̀rọ̀ yí padà: 54 fún àwọn tó tún un kà, 68 fún àwọn tó dán ara wọn wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó jẹ́ 42 sí 56. Gíráàfù onílà méjì, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́ta, ló máa gbé gbogbo èyí. Abẹ́ rẹ̀ ni àmì á wà:

```
Mo yà á láti inú nọ́ńbà Roediger & Karpicke (2006), àyẹ̀wò 1
```

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n rò pé bí àwọn bá ti fi ọwọ́ ara wọn ya gíráàfù, ó ti di tiwọn. Ìlà ni tiyín, nọ́ńbà kì í ṣe tiyín. Òmíràn tún wà tó burú ju ìyẹn lọ: akẹ́kọ̀ọ́ á yọ ojú ìṣẹ́jú 5 kúrò nítorí kò bá ohun tó fẹ́ sọ mu, àmì orísun á sì wà lábẹ́ gíráàfù tó ti di àbọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Ojú yẹn gan-an ló mú kí ìwádìí náà fani mọ́ra.

Ní ti fọ́tò, Google kì í ṣe orísun. Ó kàn júwe ọ̀nà ibi tí fọ́tò wà ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi dé ojú ìwé tí ẹni tó yà á gbé e sí, kí ẹ wo irú àṣẹ tó fún àwọn ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ `CC BY 4.0`, àṣẹ náà fẹ́ kí ẹ dárúkọ ẹni tó yà á, kí ẹ sọ irú àṣẹ tó jẹ́, kí ẹ fi líǹkì hàn, kí ẹ sì sọ bí ẹ bá ti gé e tàbí tí ẹ yí i padà. Ó gbà yín láyè láti ṣe é lọ́nà tó bá ohun tí ẹ ń lò mu. Nítorí náà, orúkọ àti `CC BY 4.0` lè wà lábẹ́ fọ́tò, kí líǹkì rẹ̀ wà lórí síláìdì ìkẹyìn. Bí fọ́tò náà bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe sí ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé nìyẹn, ó sì jèrè àyè tó gíráàfù fi tóbi sí i.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa: lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn lè sọ ẹni tó ni nọ́ńbà tàbí fọ́tò náà, àti ẹni tó yà á bó ṣe rí báyìí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ohun tí ẹnu yín máa sọ

Ẹ má ka àmì inú àkámọ́ bó ṣe wà. Ẹ sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀: "Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan láti kà, wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, kí àwọn mìíràn kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀." Gbólóhùn kan yìí ti ṣe iṣẹ́ tí ìlà mẹ́rin lórí síláìdì kò lè ṣe. Ẹ sọ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwé náà bá yọjú. Lẹ́yìn ìyẹn, "ìwádìí kan náà" ti tó.

Òpó kẹta inú àtẹ yín, inú `Notes` lábẹ́ síláìdì ni kó lọ: ojú ìwé, ohun tí nọ́ńbà náà ń wọ̀n, àti ààlà rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kúkúrú, kí ojú yín lè rí i láìwá a, bíi:

```
Ìdá nínú 100 jẹ́ ti àwọn kókó inú àyọkà tí wọ́n rántí.
Àkọsílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó sọ èsì rẹ̀ fún wọn.
```

Bí ìbéèrè bá dé, ibẹ̀ ni ẹ máa wò.

Ìgbésẹ̀ 6: Síláìdì ìkẹyìn

Ìwé tí àmì rẹ̀ wà lórí síláìdì nìkan ló ń wọ ibí. Ìwé tí ẹ kà ṣùgbọ́n tí ẹ kò tọ́ka sí, ẹ fi í sílẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ yín. Ẹ tò wọ́n ní ìlànà a-bí-dí orúkọ ìdílé, kí ìlà kejì wọlé díẹ̀ ju ìlà àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́tà pọ́ìntì 14 nínú PowerPoint ni kó kéré mọ. Bí wọn ò bá gba síláìdì kan, ẹ lo méjì. Kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n lójú ẹsẹ̀, wọ́n wà fún ẹni tó fẹ́ padà wá.

```
Roediger, H. L., III, & Karpicke, J. D. (2006).
  Test-enhanced learning: Taking memory tests improves
  long-term retention. Psychological Science, 17(3), 249–255.
  https://doi.org/10.1111/j.1467-9280.2006.01693.x
```

Nínú APA, orúkọ jọ́nà àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ ní lẹ́tà onígẹ̀rẹ́. Bí ẹ bá ń lo Zotero, ẹ yan àwọn ìwé náà, kí ẹ tẹ `Ctrl+Shift+C`, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà, pàápàá lẹ́tà ńlá inú àkọlé, nítorí bí jọ́nà bá ṣe kọ ọ́ ni Zotero sábà máa ń gbà á wọlé.

Ẹ má jẹ́ kí síláìdì yìí wà lára ògiri nígbà ìbéèrè. Ẹ dúró lórí síláìdì tó gbé ìparí ọ̀rọ̀ yín, kí àkójọ ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ ṣí i bí ẹnikẹ́ni bá béèrè.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa: ẹ gbé orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ náà, kí ẹ fi `Ctrl+F` wá a. Ó gbọ́dọ̀ yọjú lórí síláìdì kan, ó kéré tán, yàtọ̀ sí àkójọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti síláìdì àkọ́kọ́, kí ẹ wá àmì kọ̀ọ̀kan dé àkójọ, kí ẹ sì fi ọdún wé ọdún. Ọdún ló máa ń yàtọ̀ jù, nítorí àpilẹ̀kọ kan lè kọ́kọ́ jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọdún kan, kó sì wọ inú jọ́nà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Èyí tó wà nínú jọ́nà ni kí ẹ mú.

Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ fi fáìlì ránṣẹ́, ohun tí ẹnu yín sọ kò sí lára síláìdì mọ́. Ẹ lọ sí `File > Export > Create PDF/XPS`, ẹ tẹ `Options`, kí ẹ yan `Notes pages`. Síláìdì kọ̀ọ̀kan á jáde pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀, ojú ìwé àti ààlà nọ́ńbà á sì wà lábẹ́ gíráàfù tó ni wọ́n.